Lẹ́tà Oní-Sólà: Ẹ Ka Ibi Owó Dáadáa

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Báǹdì A sì fò sókè lóṣù kẹrin ọdún 2024, lẹ́tà oní-sólà ò wọ́n mọ́ ládùúgbò. Wọ́n á tì í gba abẹ́ géètì wọlé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù, àwọn míì á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pín in fáwọn tó ń jáde. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tí wọ́n máa ń kọ sí onílé ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ:

“Ẹ̀yin onílé wa, ẹ kú ìnáwó epo. A ó fi ínfátà kéfíéè 3.5, bátìrì lítíọ́ọ̀mù yúníìtì 5 àti pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sílé yín. ₦2,400,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ₦300,000 sórí jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù, oṣù mẹ́jọ péré lowó yín ti padà sápò. Ọjọ́ kan la ó fi parí iṣẹ́.”

Kò sí irọ́ nínú ìṣirò yẹn: ẹ pín mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mélòó kan náà sí ₦300,000, oṣù mẹ́jọ ló máa jáde. Ibi tí wọ́n ti rí ₦300,000 yẹn ló yẹ ká bi wọ́n. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà gbà pé jẹnẹrétọ̀ yín ń jó lítà mẹ́wàá lóòjọ́, ní ₦1,000 lítà kan, fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìsinmi. Ilé wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ilé tọkọtaya kan tó ní ọmọ mẹ́ta. Aago méje alẹ́ ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á pa á láago mọ́kànlá. Lítà mẹ́rin ló ń lọ sí i, ní nǹkan bí ogún ọjọ́ lóṣù, torí NẸ́PÀ náà máa ń ṣojú àánú nígbà míì. ₦80,000 lepo nìyẹn. Ẹ fi ₦8,000 kún un fún ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó ọmọ tó ń tún un ṣe. Sólà yóò tún dín kù nínú yúníìtì tí wọ́n ń rà sínú mítà, ká pè é ní ₦12,000. ₦100,000 lóṣù ló délẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlélógún ni owó wọn yóò fi padà, kì í ṣe mẹ́jọ. Ọdún méjì ò burú rárá, bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ẹni tó ti ní oṣù mẹ́jọ lọ́kàn lè lọ yáwó. Bó bá jẹ́ èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n yá a, ₦72,000 ni èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan. Kí ló wá kù nínú ₦100,000 tó ní òun fẹ́ fi pamọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní Báǹdì A tún yàtọ̀. Òun kì í sábà tan jẹnẹrétọ̀, nítorí náà owó mítà nìkan ni sólà máa bá a dín kù. Bí ilé rẹ̀ bá ń lo yúníìtì mẹ́rin àtààbọ̀ lóòjọ́, tí yúníìtì kan sì ń lọ bíi ₦209, owó oṣù kan ò ju nǹkan bí ₦28,000 lọ. Ó máa lé lọ́dún méje kí ₦2,400,000 tó padà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ra sólà nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀, kò sì burú, àmọ́ kó má pè é ní ìfowópamọ́.

Kí ẹ tó fèsì lẹ́tà kankan, ẹ kọ gbogbo epo tẹ́ ẹ bá rà sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi dípò tiwọn.

Ká wá wo ohun tí ẹrù náà lè gbé. Fíríìjì kan, fáànù mẹ́rin lóru, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù mẹ́wàá àti fóònù tẹ́ ẹ ń ṣájì, gbogbo rẹ̀ ò ju yúníìtì mẹ́rin àtààbọ̀ lọ lóòjọ́. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin oníwáàtì 450 jẹ́ wáàtì 1,800. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn tó lágbára tó ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì ò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ooru, eruku àti wáyà sì máa gbà tó ìdá mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Yúníìtì márùn-ún ó lé díẹ̀ ló kù, ó sì tó. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, tí ojú ọ̀run bá ṣú, ó lè má pé mẹ́rin, ẹ ó sì ní láti gbà lára NẸ́PÀ. Oní-sólà tó bá lè sọ ti oṣù kẹjọ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í, ẹ fetí sí i.

Ní ti “ọjọ́ kan”, òótọ́ ni pé ọjọ́ kan tó láti gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan ti wá ṣáájú, kó ka ohun èlò yín, kó gun òrùlé, kó wo ibi tí òjìji igi máńgòrò tàbí táǹkì omi máa ń bọ́ sí láago mẹ́wàá àti láago mẹ́rin. Tí wọ́n bá so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn lẹ́sẹẹsẹ, òjìji tó bọ́ lé ọ̀kan máa ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, irin tó gbé pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wọnú igi òrùlé, kì í ṣe ara páànù nìkan, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan. Láìsí rọ́bà yẹn, òjò àkọ́kọ́ ló máa fi ibi tí wọ́n lu hàn yín lórí sílìn. Kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀. Ẹ gbé téépù wọ̀n ọ́n náà: oníwáàtì 450 sábà máa ń gùn tó mítà méjì, ó sì máa ń fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 450 sí lẹ́yìn, tí kò gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ iná yóò pín wáyà ilé sí méjì. Gílóòbù, fáànù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n á lọ sórí ínfátà. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ńpù omi á dúró sórí NẸ́PÀ. Bó bá fo ibí yìí, ọjọ́ tí ọmọ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lóru ni bátìrì máa tètè kú. Kó fi bírékà sáàárín pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà, kó sì ri wáyà mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Kí ínfátà wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tó máa ń pa bátìrì tuntun jù kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti tún ṣe: ṣé irú bátìrì tí wọ́n yàn lójú ínfátà bá èyí tó wà nílẹ̀ mu? Bí wọ́n bá fi í sórí ti olómi, tí ẹ sì ra lítíọ́ọ̀mù, kò ní máa gba iná bó ṣe yẹ. Ẹ tún wò ó bóyá `SBU` ni wọ́n fi sí ní ọ̀pọ̀ ínfátà tó ní in. Ìyẹn ni pé kó kọ́kọ́ lo oòrùn, kó lo bátìrì, kó tó kàn NẸ́PÀ. Bí wọ́n bá fi NẸ́PÀ ṣáájú, mítà yín á ṣì máa jẹ owó ní ọ̀sán gangan.

Ẹ di díẹ̀ mú nínú owó wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí bátìrì bá kún, ẹ pa NẸ́PÀ níbi méjì-ọ̀nà, kí ẹ lo ilé bẹ́ ẹ ṣe máa ń lò ó. Láago méje àárọ̀, ẹ wo ojú ínfátà. Bó bá kọ nǹkan bíi 30 lórí ọgọ́rùn-ún, ẹ san ìyókù. Bó bá ti kú láago méjì òru, ẹ pe oníṣẹ́ padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.