Rán létí àti sin gbèsè: èdè lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tí kò tíì san owó ilé ìtura

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ jù fún ohun tí ẹni tí a jẹ lówó ń ṣe kí owó rẹ̀ lè padà wá. Ó lè rán ẹni tí ó jẹ ẹ́ létí, ó sì lè sin gbèsè náà. Ẹni tí ó ń ránni létí ń fi hàn pé òun gbà pé ẹnì kejì yóò san, pé ìgbàgbé tàbí iṣẹ́ ni ó dá a dúró. Ẹni tí ó ń sin gbèsè kò ro ti ìgbàgbé mọ́. Ó ti wá gba owó. Láyé àtijọ́, àwọn kan wà tí wọ́n fi gbèsè sísin ṣe iṣẹ́, àwọn ni à ń pè ní ológò. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Sámúẹ́lì Jọ́nsìn kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé bí ológò ṣe máa ń wọ ilé onígbèsè, tí yóò jókòó síbẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò sì máa mú ẹran ọ̀sìn ilé pa jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo ará ilé, tí wọn yóò sì wá owó náà san. Ìtìjú ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà tí ilé ìtura ń kọ sí ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó wá láìdójú ti ẹnikẹ́ni, nítorí ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ni a fẹ́ kí ó tún kó àlejò wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ hàn, wọn a di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ dúró ṣinṣin, wọn a di ológò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ilé ìtura kan ní Ìbàdàn gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà lálejò láti ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2025. Yàrá mẹ́fà ni wọ́n lò fún òru mẹ́rin, ní ₦45,000 fún yàrá kan lóru kan. Ìyẹn jẹ́ ₦1,080,000. Wọ́n lo gbọ̀ngàn ìpàdé fún ọjọ́ mẹ́ta ní ₦120,000 lójúmọ́, ó di ₦360,000. Aṣọ tí a bá wọn fọ̀ àti ohun mímu tí wọ́n gbà jẹ́ ₦38,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,478,000 (a kò fi owó-orí kún un, kí ìṣirò má bàa lọ́jú pọ̀). Ínfọ́ìsì jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, pẹ̀lú àdéhùn pé kí owó wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nítorí náà, ó pé ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta. Lẹ́tà kìíní lọ ní ọjọ́ 17. Ní ọjọ́ 20, ilé-iṣẹ́ náà san ₦500,000, wọ́n sì sọ pé àwọn kò ní í san owó aṣọ àti ohun mímu, nítorí pé yàrá, oúnjẹ àárọ̀ àti gbọ̀ngàn nìkan ni ó wà nínú ìwé àṣẹ tí àwọn fi rán àwọn òṣìṣẹ́ náà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dákẹ́. Lẹ́tà kejì, ti ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ni ó kàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ògbufọ̀ yóò rò ni ta ni “ẹ” nínú lẹ́tà náà. “Ẹ” ti ọ̀wọ̀ àti “ẹ” ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yàtọ̀ síra lójú ìwé. Bí a bá kọ ọ́ pé “ẹ kò san owó wa”, olùṣírò owó tí ó ṣí lẹ́tà náà lè gbọ́ ọ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni a ń bá wí, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni ó sùn sí yàrá, owó rẹ̀ sì kọ́ ni. Ẹ kọ “ilé-iṣẹ́ yín” níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan gbèsè, kí ẹ sì fi “ẹ” sílẹ̀ fún ohun tí ẹni tí ń ka lẹ́tà lè ṣe: kí ó wo ínfọ́ìsì, kí ó fi owó ránṣẹ́, kí ó fèsì. Ohun tí ó tún dára ju èyí lọ ni kí owó náà fúnra rẹ̀ ṣe olùwà gbólóhùn: “₦940,000 kò tíì wọlé.”

Ẹ kíyè sí “kò tíì” yẹn. “Kò wọlé” sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. “Kò tíì wọlé” sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé a ṣì ń retí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe iṣẹ́ tí odidi gbólóhùn àpọ́nlé kò lè ṣe. Òdìkejì rẹ̀ ni “kọ̀”: “ilé-iṣẹ́ yín kọ̀ láti san” jẹ́ ẹ̀sùn, kò sì yẹ kí ó jáde lẹ́nu ilé ìtura àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní í san. Ní ti àpẹẹrẹ wa, wọ́n kọ ₦38,000. Wọn kò kọ ₦940,000. A kò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀.

“Gbèsè” ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni, kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ “onígbèsè” àti “ajigbèsè” jù fún lẹ́tà kejì. Àwìn ni ilé ìtura fún ilé-iṣẹ́ náà, kì í ṣe owó ni ó yá wọn. Nítorí náà “owó tí ó ṣẹ́ kù lórí ínfọ́ìsì” ni ó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹ fi “gbèsè” pamọ́ fún lẹ́tà tí agbẹjọ́rò yóò kọ, bí ó bá di dandan.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀ ni ó léwu jù, nítorí pé ó dà bí ọmọlúàbí. “Ẹ dákun, ẹ bá wa san owó yìí” dùn létí, ṣùgbọ́n “bá wa” sọ pé oore ni sísan náà jẹ́, ẹni tí a sì ń bẹ̀ fún oore lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò rọrùn fún òun. “Inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè san” tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: èdè òyìnbó ni a tú lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé inú dídùn wa ni a ń tọrọ. “Ẹ jọ̀wọ́” tó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, “a ń retí” ni ó yẹ, nítorí pé ìrètí tí ó ní ọjọ́ àti iye kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. “Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì” kò ka ọjọ́ Ẹtì mọ́ ọn. “Ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì” kà á mọ́ ọn. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀kan lò fún èkejì, ó ti yí gbèdéke padà ní odidi ọjọ́ kan. Kí ẹ má sì ṣe fi “ìtàdógún” túmọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹẹ́tàdínlógún ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìṣirò ọjọ́ ọjà ni, ìṣirò Yorùbá àtijọ́ a sì máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ìjẹta ṣe jẹ́ ọjọ́ kẹta bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù ní kíkún. Èmi a máa yan “oṣù Kẹrin” dípò “Igbe” nínú irú ìwé yìí. Igbe dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà owó kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti máa bi ara rẹ̀ pé oṣù wo nìyẹn.

Lẹ́tà náà rèé:

“Sí Olùṣírò Owó Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. A dúpẹ́ fún ₦500,000 tí a rí gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

A kọ lẹ́tà yìí láti rán yín létí pé owó tí ó ṣẹ́ kù lórí ínfọ́ìsì wa ti ọjọ́ 10, oṣù Kejì, fún yàrá àti gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ yín lò láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7, kò tíì wọlé. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦940,000. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ni ó pé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, ó sì ti kọjá gbèdéke ní ọjọ́ 22 lónìí.

Ní ti ₦38,000 fún aṣọ fífọ̀ àti ohun mímu, a ti gbọ́ àlàyé yín. A yọ ọ́ kúrò nínú iye tí a ń béèrè báyìí, a ó sì fi ìwé tí àwọn àlejò bu ọwọ́ lù ránṣẹ́ sí yín kí a lè jọ yanjú rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ₦940,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ó wà lórí ínfọ́ìsì. A ń retí rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2025. Bí ohun kan bá ń dí i lọ́wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò wọlé fún wa kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí owó náà kò bá tíì wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, a ó dá àwìn dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn àlejò tí ilé-iṣẹ́ yín bá rán wá yóò sì máa san owó yàrá kí wọ́n tó wọlé, títí a ó fi yanjú èyí. Bí ẹ bá ti san án kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ fi ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ sí wa, kí a lè ṣàtúnṣe sí ìwé wa.”

Ìpínrọ̀ kẹta ni ó gba ìrònú jù nínú lẹ́tà yìí. Àríyànjiyàn kékeré lórí ohun mímu ni ó sábà máa ń di owó ńlá lọ́wọ́: ẹ̀ka ìṣirò owó yóò sọ pé ínfọ́ìsì náà “ṣì ní ọ̀rọ̀ nínú”, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà nílẹ̀. Yíyọ tí a yọ ₦38,000 sápá kan kò túmọ̀ sí pé a ti fi í sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ “lọ́tọ̀” dípò “a ti fojú fò ó”. Ẹni tí ó bá tú u sí “a ti fagi lé e” ti fi owó ilé ìtura tọrẹ.

Ní ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn, “a ó dá àwìn dúró” ni a kọ, a kò kọ “a lè dá a dúró”. “Lè” ń sọ pé a kò tíì pinnu, ẹni tí ń ka lẹ́tà yóò sì dúró wò wá. Ṣùgbọ́n “dá dúró fún ìgbà díẹ̀” ni, kì í ṣe “fòpin sí”. Ẹ má sì ṣe kọ “a ó” bí ọ̀gá ilé ìtura kò bá ṣetán láti ní kí àlejò sanwó lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó túmọ̀.