Fóònù Tó Ya Àwòrán Ni Kí Ẹ Gbé Wá, Kì Í Ṣe Sìkírínṣọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ẹ̀rí orí fóònù wá fún àyẹ̀wò láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àyíká wọn la kọ ìwé yìí fún. Ohun kan náà ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu kántà wa. Wọ́n á gbé àwòrán tó ti gba orí Wáṣáàpù kọjá lẹ́ẹ̀mẹta wá, wọ́n á ní ká sọ bóyá ayédèrú ni. Tá a bá bi wọ́n léèrè fóònù tó ya àwòrán náà, wọ́n á ní ó wà nílé, tàbí wọ́n ti tà á, tàbí wọ́n ti pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè gba fídíò ìgbéyàwó.

Ohun tó ń bá àwòrán lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká fi irú ọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n ta ilẹ̀ kan, wọ́n fi ọwọ́ kọ rìsíìtì ₦300,000. Ẹnì kan fi fóònù ya rìsíìtì náà. Lẹ́yìn náà ló fi áàpù ìtúnwòrán-ṣe sọ 3 di 8, ó fi í pamọ́, ó sì fi ránṣẹ́. Ìwé gan-an ti sọnù. Ẹni tó tà á ní ₦300,000 lòun gbà, ẹni tó rà á ń tọ́ka sí ₦800,000 lójú fóònù.

Fóònù tó ya rìsíìtì yẹn yà á ní píksẹ́lì 4000 sí 3000, ìyẹn àmì àwọ̀ wẹ́wẹ́ mílíọ̀nù 12. Nígbà tó ń fi í pamọ́ sí fáìlì `.jpg`, ó gé àwòrán sí àpótí kéékèèké, píksẹ́lì 8 níbùú, 8 lóòró. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ó mú ohun tí ojú máa rí, ó sì fi ohun tí ojú kò ní ṣàkíyèsí sílẹ̀ kí fáìlì má bàa wúwo. Ohun tí ojú kì í ṣàkíyèsí yìí gan-an ni oníṣẹ́ àyẹ̀wò ń wá. Tí ẹnì kan bá lẹ 8 mọ́ orí 3, tó sì tún àwòrán fi pamọ́, ibi tó lẹ̀ ti gba ìgékù yẹn lẹ́ẹ̀kan, ìyókù àwòrán ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ yẹn ṣeé wọ̀n nígbà tí fáìlì bá ṣì wà bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Wáyìí o, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáṣáàpù bí àwòrán lásán. Wáṣáàpù dín in kù sí nǹkan bíi 1600 sí 1200. Nínú gbogbo 100 píksẹ́lì, 16 ló kù. Lẹ́yìn tó dín in kù tán, ó tún gé e sí àpótí tuntun tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, 8 tí wọ́n lẹ̀ àti ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ẹni tó gbà á wá ya sìkírínṣọ́ọ̀tì. Fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 1080, tí wọ́n gbé dúró lóòró, kò lè gbé ju 1080 sí 810 lọ nínú àwòrán náà, ìyẹn píksẹ́lì 7 nínú 100. Ìlà báírò tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 10 nínú àwòrán àkọ́kọ́ kò tó 3 mọ́. Ó wá fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí Wáṣáàpù kan náà, àbúrò sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ olè kí ọlọ́pàá tó dé.

Ohun tá a lè kọ sínú ìwé àbájáde fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: wọ́n ti dín in kù, wọ́n ti tún un fi pamọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a kò sì lè sọ bóyá wọ́n yí i padà tàbí wọn kò yí i padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn. Kò sọ pé ojúlówó ni. Kò sì sọ pé ayédèrú ni. Àwọn kan ti mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ẹbí pé ìjọba ti dá àwọn láre, a kò dá ẹnikẹ́ni láre.

Ọjọ́ tó wà nínú orúkọ fáìlì

Ẹ̀rí kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti tọ́ka sí lẹ́nu kántà: orúkọ bíi `IMG-20240315-WA0007.jpg`. Wọ́n á ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2024 ni wọ́n yà á. Rárá o. Wáṣáàpù ló fún un lórúkọ yẹn, ọjọ́ tó sì wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí àwòrán gba orí Wáṣáàpù fóònù yín kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n yà á, irú fóònù tó yà á, nígbà mìíràn ibi tí wọ́n ti yà á pàápàá, inú fáìlì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń wà, Wáṣáàpù sì máa ń yọ wọ́n kúrò. Nítorí náà, àìsí wọn nínú fáìlì yín kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn. Gbogbo àwòrán tó bá gba ibẹ̀ kọjá bí àwòrán lásán ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Sìkírínṣọ́ọ̀tì ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ

Orúkọ tó ń hàn lókè ọ̀rọ̀ lórí Wáṣáàpù ni orúkọ tí oní-fóònù fi nọ́ńbà náà pamọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà síìmù rẹ̀ kejì pamọ́ bí «Lánlọ́ọ̀dù», kó jókòó sínú yàrá rẹ̀ máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì ya sìkírínṣọ́ọ̀tì. Nínú fóònù, a lè wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ. Nínú sìkírínṣọ́ọ̀tì, kò sí ohun tá a fẹ́ wò.

Àwọn tó ń gba owó níta

Ọ́fíìsì yìí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láti bá yín «fọ àwòrán mọ́» kí ẹ tó wọlé. Áàpù tí àwọn tó ń gba owó níta fún un ń lò máa ń mú kí ìlà dúdú sí i, kí etí lẹ́tà sì mú, àmọ́ píksẹ́lì tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló ń dá síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò yí nǹkan kan padà á wá gbé fáìlì tí wọ́n ti yí padà wá fún wa, owó yín á sì ti lọ.

Ohun tí ẹ máa mú wá

Tí ìwé gan-an bá ṣì wà, ìwé ni kí ẹ mú wá. Yíǹkì àti ojú ibi tí báírò tẹ̀ wọnú ìwé wà lára rẹ̀, fóònù kankan kò lè gbé gbogbo rẹ̀.

Bí kò bá sí, ẹ gbé fóònù tó ya àwòrán wá, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i. Ẹ má yí àwòrán náà dúró, ẹ má gé etí rẹ̀, ẹ má tún un fi pamọ́. Tí fóònù bá wà lọ́wọ́ ọmọ yín ní Èkó tàbí òkè òkun, ẹ ní kó má pa àwòrán náà rẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ láti ibi `Document` nínú Wáṣáàpù, kì í ṣe láti ibi `Gallery`. Láti `Document`, fáìlì á dé bó ṣe wà. Bọ́tìnì `HD` kò tó: ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gé e.

Fún ẹ̀yin tó ń lọ sí kóòtù: ẹsẹ 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè pé kí ẹ fi hàn bí ẹ̀rọ tí ẹ̀rí ti wá ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, Kóòtù Gíga Jù Lọ kò gba ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí wọn kò mú ohun tí ẹsẹ yẹn béèrè wá. Ẹni tí fóònù wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀ nípa fóònù náà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi sìkírínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí.

Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tàbí tí kò tàn mọ́, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, torí ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe kí ó lè tàn ni pé wọ́n á nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò.