Bí Ọjọ́ Bá Yẹ̀, Owó Àsansílẹ̀ Ńkọ́?

Owó àsansílẹ̀ tí onídìrí ń gbà ló fi ń di àyè mú fún oníbàárà; bó bá ti gbà á, kò ní fún ẹlòmíràn ní àkókò náà mọ́. Nítorí náà, bí oníbàárà bá fẹ́ sún ọjọ́ síwájú, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀: ọjọ́ àti owó. "Kò sí wàhálà, ẹ máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀" dáhùn ti ọjọ́ nìkan, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ẹnì kan san ₦10,000 sílẹ̀ nínú ₦40,000. Ohun tó yẹ kó kọ ránṣẹ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ sún irun mi láti Sátidé ọjọ́ 14 sí Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 19. Ṣé ₦10,000 tí mo san ṣì wà nínú owó irun náà?" Onídìrí tó mọṣẹ́ á fèsì pé: "Ó wà níbẹ̀, ₦30,000 ló kù. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré la lè sún un. Bí ẹ bá tún yẹ ọjọ́ yìí, ẹ máa san àsansílẹ̀ mìíràn."

Ó sàn kí oníbàárà ti gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó rárá, pẹ̀lú iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lálẹ́ Jímọ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún onídìrí láti rí ẹlòmíràn fún Sátidé.

Owó irun àfikún náà lè ti gbówó lórí kí ọjọ́ tuntun tó pé. Àsansílẹ̀ lè wà síbẹ̀ kí ₦40,000 má wà mọ́, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé iye iṣẹ́ kò ní yí padà.