Ẹsẹ Tó Wà Nínú Bíbélì Yín, Tí Kò Sí Nínú Ti Aládùúgbò

Tí ọdún bá ti yí, tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, Mátíù 17:21 kì í wọ́n lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Ẹsẹ yẹn ni Jésù ti sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ kan wà tí àdúrà àti ààwẹ̀ nìkan lè lé jáde. Ẹni tó ṣe àwòrán náà á wá fi lẹ́tà mẹ́ta sí ìdí rẹ̀: NIV. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí NIV wò. Ẹsẹ 20 lẹ máa bá, ẹsẹ 22 ló sì tẹ̀ lé e. Kó tó dalẹ́, ẹnì kan ti pariwo nínú gúrúùpù ìjọ pé wọ́n ti ń yọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò nínú Bíbélì.

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ẹsẹ náà wà nínú àwọn ìwé Gíríìkì tí àwọn tó túmọ̀ KJV lò, èyí tó jáde ní 1611. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ráyè yẹ àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ wò fínnífínní. Méjì tó lókìkí jù nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, àwọn tó sì kọ́kọ́ dà wọ́n kọ kò kọ ẹsẹ yìí síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé adàwékọ kan ló mú un láti inú Máàkù 9:29, níbi tí ìtàn kan náà wà, tó fi kún ti Mátíù. Ni NIV bá gbé e lọ sínú àlàyé wínníwínní ìsàlẹ̀ ìwé. Nọ́ńbà rẹ̀ ò ṣe é fún ẹsẹ mìíràn mọ́, torí Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti pín Májẹ̀mú Tuntun sí ẹsẹ láti 1551, gbogbo ayé ló sì ti mọ́ lára.

Bíbélì Mímọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ní ẹsẹ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “Mátíù 17:21, Bíbélì Mímọ́” sábẹ́ àwòrán kò purọ́. Ẹni tó kọ NIV ló ṣìnà, ó sì dá mi lójú pé kò ṣí i wò rárá: KJV ló dà kọ, tó fi orúkọ ẹlòmíì pè é.

Ṣé kéèyàn wá sá lọ bá Máàkù 9:29? Kò gba olúwarẹ̀, torí àdúrà nìkan ni NIV kọ síbẹ̀. Ààwẹ̀ tún wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹni tó fẹ́ ẹsẹ ààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní jà sí, kó lọ sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 13:2–3, níbi tí ìjọ Áńtíókù ti gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù níṣẹ́.

Yíyẹ ẹsẹ wò kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe da ẹsẹ kọ láti orí àwòrán ẹlòmíì. Ẹ ṣí orí náà fúnra yín, ẹ wo orúkọ ìtumọ̀ tó wà lókè áàpù, kẹ́ ẹ dà á kọ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó ṣáájú. Nínú Mátíù 17, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 14, ẹ máa rí i pé ìgbàgbọ́ kékeré ni Jésù kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ ẹ̀yìn lẹ́bi fún, àwòrán ààwẹ̀ kì í sì í sábà dé ibẹ̀.

Orúkọ ìwé, orí, ẹsẹ, orúkọ ìtumọ̀: bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe tò ó, lẹ́yìn àmì àyọlò. Àwọn tó ni NIV tilẹ̀ béèrè pé kí lẹ́tà mẹ́ta yẹn wà ní òpin àyọlò kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìjọ àti pósítà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ ọ́ ni, ẹ yọ àmì àyọlò, kẹ́ ẹ kọ “wo” ṣáájú: wo Mátíù 17:14–20. Tó bá jẹ́ ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ lẹ lò, ẹ fi “a” tì í: Òwe 3:5a.

Orin Dáfídì ló tún le jù, pàápàá fún ẹni tó ní ará ní Kétu tàbí Pọ́tò-Nóvò. Bíbélì Faransé ti Louis Segond ka àkọlé orin mọ́ ẹsẹ, Bíbélì Yorùbá kò kà á. Àdúrà ọkàn mímọ́ tó wà ní 51:10 lọ́dọ̀ wa, 51:12 ló wà lọ́dọ̀ wọn. Tí àwòrán yín bá máa kọjá ibodè, ẹ kọ méjèèjì: Orin Dáfídì 51:10 (51:12 nínú Segond).