Ìwé Oògùn Inú Fóònù: Ibi Tí Àmì Dókítà Ti Wá

Mi ò tíì jókòó tán ní Obbo-Ile lọ́jọ́ náà tí ìyá àgbà tí mo lọ kí fi na fóònù sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé, bá mi wo ohun tí dókítà kọ síbí yìí." Fọ́tò ni mo bá lójú fóònù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ya ìwé oògùn náà, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó sì ki ìwé gan-an bọ àpò padà sí Ìlọrin. Ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà sí méjì ti ṣókùnkùn nínú fọ́tò, etí rẹ̀ nísàlẹ̀ kò sì wọlé. Ohun tí mo rí kà nìyí:

```
Rx
Tab Amlodipine 5 mg ?d x 1/12
Tab A/L 80/480 i bd x 3/7
Tab PCM 1 g tds x 3/7
```

Ibi tí mo fi àmì ìbéèrè sí ni òjìji ìká ìwé náà bò. Ọmọ ilé kan ní `bd` ni, èmi náà sì kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ṣe díspénsà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó wá dá a padà fún mi. Ó ní, "Láyé tiwa, aláìsàn kì í ka ìwé yìí. Dókítà ló ń kọ ọ́ sí wa, àwa la ó sì sọ ọ́ di Yorùbá fún aláìsàn." Ọ̀rọ̀ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi jókòó kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Èdè Látìn ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù fi ń kọ̀wé síra wọn; òun ni wọ́n fi kọ ìwé oògùn ńlá tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1618, àṣà náà sì bá àwọn òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yábàá ti 1930 kọjá, ó dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ti 1948. Ní Látìn, `bd` ni "ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́". `tds` ni "kí a lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́". `od` ni "lójoojúmọ́", ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ìjọba òyìnbó ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò bá a lọ.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí àmì òkè yẹn, `Rx`. Tíṣà àgbà kan tó wá kí ìyá náà gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó sì dá sí i. Ó ní ojú òrìṣà kan ni, òrìṣà ayé àtijọ́ ní Íjíbítì tí wọ́n fọ́ lójú tí ojú rẹ̀ sì padà sàn, pé ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń ya àwòrán ojú náà sórí ìwé wọn. Díspénsà wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní lẹ́tà R ti Rẹ́sípè ni, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "Gbà", àṣẹ tí dókítà ń pa fún apoògùn pé kí ó mú nǹkan báyìí, kí ó pò ó pọ̀ mọ́ nǹkan báyìí. Tíṣà ní kí ló dé tí wọ́n wá fi ìlà dábùú ẹsẹ̀ R náà? Ó ní àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àmì Júpítà, òrìṣà àwọn ará Róòmù, ni ìlà ọ̀hún. Bàbá ní ìlà gígé ọ̀rọ̀ kúrú ni, bí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ṣe máa ń fa ìlà sára lẹ́tà láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ohùn lọ sókè. Ìyá tó ni ìwé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ bí òun yóò ṣe lo oògùn òun ná. Ní tèmi, ti díspénsà ni mo gbè. Ìtàn ojú òrìṣà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n "Gbà" ló bá iṣẹ́ ìwé náà mu: lẹ́yìn àmì yẹn ni orúkọ oògùn ń tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ní kí ènìyàn gbà.

Bàbá tún sọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Páálí kékeré ni wọ́n ń kó hóró oògùn sí. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọn á fa ìlà sára páálí náà: méjì fún àárọ̀, méjì fún ọ̀sán, méjì fún alẹ́. Wọn á ní kí aláìsàn náà tún un sọ kí ó tó kúrò lójú fèrèsé. Nísinsìnyí, fọ́tò ìwé náà ń dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, aládùúgbò, dé ọwọ́ ọmọdé tó wà ní kẹ́míìsì, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ní kí aláìsàn tún un sọ mọ́. Inú mi kò dùn sí èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé náà. Ìlà ìkẹta ló rọrùn jù. `PCM` ni parasítámọ̀. `1 g` ni gíráàmù kan, hóró tí à ń rà sì sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 500, nítorí náà hóró méjì ni lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ jẹ́ hóró mẹ́fà. `3/7` kì í ṣe ìṣirò ìdá: ọjọ́ mẹ́ta nínú méje tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ hóró 18. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju gíráàmù mẹ́rin lọ lóòjọ́, mẹ́ta sì ni dókítà kọ, nítorí náà ó dọ́gba, bí ìyá kò bá fi oògùn ọ̀fìnkìn tó ní parasítámọ̀ nínú kún un. Ìlà kejì ni oògùn ibà, atẹméétà òun lumẹfántírìnì. Hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, hóró mẹ́fà, bó sì ṣe wà nínú páálí náà gan-an nìyẹn. Ohun tí ìwé kò kọ ni pé ní ọjọ́ kìíní, wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn hóró àkọ́kọ́ ni a ń lo èkejì, àti pé kí a lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, bíi mọ́ínmọ́ín tó lépo, kí ara lè gbà á dáadáa.

Ìlà àkọ́kọ́ ló ṣòro. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni amlodípìnì. `1/12` ni oṣù kan nínú méjìlá, ìyẹn oṣù kan. Bàbá ní òun ti rí ẹni tó kà á sí hóró kan ní wákàtí méjìlá-méjìlá. Àbùkù àmì wọ̀nyí nìyẹn: wọ́n jọ nǹkan mìíràn. Kódà `od` fúnra rẹ̀, bó bá wà lórí ìwé oníṣègùn ojú, ojú ọ̀tún ló lè túmọ̀ sí.

Ìṣirò máa ń tú àṣìṣe fó nígbà mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún 1980, dókítà kan kọ `Amoxil`, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, fún ọkùnrin kan tí àìsàn àyà ń ṣe. Apoògùn kà á sí `Daonil`, oògùn àtọ̀gbẹ tí ń fa ṣúgà ara wálẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ títí láé. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó tó lé ní 119,000 pọ́n-ùn fún un. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún di ti apoògùn, ìdá 25 di ti dókítà nítorí ìkọ̀wé rẹ̀. Èéṣe tí ẹ̀bi apoògùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìwé náà ní mílígíráàmù 250, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, hóró 21. Mẹ́ta lọ́nà méje ni 21, ọ̀sẹ̀ kan gééré, bí a ṣe ń lo oògùn kòkòrò. Hóró `Daonil` mílígíráàmù 5 ni. Iye tó wà lórí ìwé ń kígbe pé orúkọ tí apoògùn kà kì í ṣe òótọ́.

Ṣùgbọ́n ti ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Mílígíráàmù 10 ni òpin amlodípìnì lóòjọ́. Bó bá jẹ́ `tds`, 15 ni yóò jẹ́, a ó mọ̀ pé a ti ṣì í kà. Bó bá jẹ́ `od`, 5 ni. Bó bá jẹ́ `bd`, 10 ni, kò sì tíì kọjá òpin. Ìṣirò kò lè dá ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ fún arúgbó: ìlọ́po méjì lè mú kí ẹsẹ̀ wú, kí òòyì kọ́ ọ nígbà tó bá dìde lóru, kí ó ṣubú. Bàbá náà kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ lọ bi apoògùn."

A gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ apoògùn kan ní Òmù-Àrán. Kò ta ìlà àkọ́kọ́ fún wa. Ó ní kí a pe ọmọ Ìlọrin, kí ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó yà á kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Nígbà tí fọ́tò kejì dé, a rí orúkọ aláìsàn, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, òǹtẹ̀ ọsibítù àti nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà náà jọ o, ó sì tún jọ b. Apoògùn tẹ nọ́ńbà náà, ó ka ìlà náà fún dókítà, ó sì dúró gbọ́ èsì.

`od` ni. Hóró kan láràárọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé oògùn kúrò lọ́wọ́ aláìsàn. Bí ẹ bá máa yà á, ẹ yà á tòkè-tilẹ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ apoògùn tó ní ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kí ó sọ orúkọ oògùn náà, iye hóró rẹ̀ àti iye ọjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Ibi tí lẹ́tà kan kò bá ti hàn, ẹ ní kí ó pe dókítà kí ẹ tó sanwó.