Bí A Ṣe Lè Fi Kàlẹ́ńdà Ṣọ́ Ìwé-Ẹ̀rí Ààbò àti Ẹ̀dà Ìpamọ́ Ìkànnì Wa

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti oníṣòwò ní ìpínlẹ̀ wa ló ti ní ìkànnì ayélujára tiwọn báyìí. Àwọn òbí ń wo èsì ìdánwò lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń wo iye owó tí wọ́n ti dá. Nígbà mìíràn, irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ a ṣàdédé ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lò ó, bẹ́ẹ̀ olè kò wọlé, ẹ̀rọ kò sì bàjẹ́. Ọjọ́ kan ló kọjá lórí iṣẹ́ kan tó yẹ kí ẹnì kan tún ṣe, tí kò sí ẹni tó rántí.

Nínú àlàyé yìí, a mú méjì lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìsọdọ̀tun ìwé-ẹ̀rí ààbò, àti àyẹ̀wò ẹ̀dà ìpamọ́. A ó fi hàn bí a ṣe ń kọ wọ́n sórí kàlẹ́ńdà kí wọ́n lè máa padà wá fúnra wọn, àti bí a ṣe ń mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàárín àyẹ̀wò kan àti òmíràn.

Ìwé-ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìparí

Ìwé-ẹ̀rí ààbò jẹ́ fáìlì kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì. Òun ló ń jẹ́rìí fún aṣàwákiri pé ìkànnì tí ẹ ṣí ni ẹ dé lóòótọ́, òun ló sì ń jẹ́ kí a lè fi ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín yín pamọ́ fún ojú ẹlòmíràn. Ó ní ọjọ́ ìparí gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti ní. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹni tó bá ṣí ìkànnì náà lórí Chrome yóò bá ìkìlọ̀ yìí pàdé: `Your connection is not private`. Òbí tó bá rí i yóò rò pé àwọn gbájúẹ̀ ti gba ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì yà kúrò níbẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt máa ń lo 90 ọjọ́. Tẹ́lẹ̀, àjọ náà máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ bá ń parí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Àwọn ìwé-ẹ̀rí tí a ń fi owó rà náà ń kúrú sí i. Ìgbìmọ̀ àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri fẹnu kò ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ọjọ́ orí ìwé-ẹ̀rí yóò wá sílẹ̀ láti 398 ọjọ́ sí 200 ọjọ́ ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2026. Yóò di 100 ọjọ́ ní ọdún 2027, yóò sì di 47 ọjọ́ ní ọdún 2029. Iṣẹ́ tí à ń rántí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tẹ́lẹ̀ yóò di iṣẹ́ tí yóò máa padà wá lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún.

Ẹ̀rọ ń ṣe é fúnra rẹ̀, kí ló tún kù?

Òótọ́ ni pé ètò bíi `certbot` máa ń sọ ìwé-ẹ̀rí di ọ̀tun fúnra rẹ̀. Bí ìwé-ẹ̀rí 90 ọjọ́ bá ku 30 ọjọ́, ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti gba tuntun. Ṣùgbọ́n bí ìgbìyànjú náà bá kùnà, ó lè dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé a ti gbé ìkànnì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ètò àtijọ́ kò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti dí ojú ọ̀nà 80 tí Let's Encrypt sábà máa ń gbà wá ṣe àyẹ̀wò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tuntun a ti dé, ṣùgbọ́n a kò sọ fún ètò tó ń gbé ìkànnì jáde pé kó kà á, nítorí náà ògbólógbòó ni àwọn àlejò ṣì ń rí.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wo ohun tí àlejò ń rí, kì í ṣe fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan. Lórí Chrome, ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ẹ tẹ `Connection is secure`, lẹ́yìn náà `Certificate is valid`, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà níwájú `Expires On`. Ẹni tó bá mọ àṣẹ kọ̀ǹpútà lò lè fi àdírẹ́sì tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níhìn-ín:

```
echo | openssl s_client -connect ileiwe.example:443 \
  -servername ileiwe.example 2>/dev/null \
  | openssl x509 -noout -enddate
```

Ìdáhùn tó máa wá ni `notAfter=`, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà mélòó ló yẹ kí a máa wò ó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba ìwé-ẹ̀rí 90 ọjọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 2026, èyí tí yóò parí ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà pé òun yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ó tó.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ó yẹ̀ ẹ́ wò: ó ku 34 ọjọ́. Kò sí ohun tó burú, nítorí pé àsìkò ìsọdọ̀tun kò tíì tó. Ní nǹkan bí ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ètò gbìyànjú, ó sì kùnà. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin. Nígbà tí akọ̀wé fi máa yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé-ẹ̀rí ti parí láti àná. Akọ̀wé kò gbàgbé nǹkan kan. Àlàfo 35 ọjọ́ tó wà láàárín àyẹ̀wò méjèèjì ló gùn ju 30 ọjọ́ tó wà láàárín ìgbìyànjú ètò àti ọjọ́ ìparí.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, yóò tún wò ó ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta. Ká ní ìsọdọ̀tun yọrí sí rere ni, oṣù Kẹfà ni ì bá rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ló ṣì rí, ó sì ku 20 ọjọ́. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti kùnà, ó sì ní ogún ọjọ́ láti pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Òfin tí a rí fà yọ ni pé kí àyẹ̀wò lè wáyé ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ tó yẹ kí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ ìparí. Bí ìwé-ẹ̀rí bá wá di 47 ọjọ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò bá a mu.

Kíkọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà

Lórí Google Calendar, ẹ ṣí ètò tuntun fún ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ tẹ `Does not repeat`, kí ẹ yan `Custom...`. Ní iwájú `Repeat every`, ẹ kọ 2, kí ẹ yan `week`. Lábẹ́ `Ends`, ẹ yan `Never`. Ní `Add guests`, ẹ fi orúkọ ẹnì kejì sí i, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá wà ní ìsinmi tàbí tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ oṣooṣù, ẹ má ṣe yan ọjọ́ 31, nítorí pé kàlẹ́ńdà yóò fo gbogbo oṣù tí kò ní ọjọ́ 31.

Bí a ṣe kọ iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. “Yẹ ìwé-ẹ̀rí wò” kò tó, nítorí ẹnì kan lè wo ìkànnì fìrí kó sì sọ pé òun ti ṣe é. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ka ọjọ́ ìparí lórí aṣàwákiri, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá dín ní 25 ọjọ́, pe ẹni tó ń bójú tó ìkànnì lónìí.” Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ sílẹ̀ kò lè ṣàì wò ó.

Ẹ̀dà ìpamọ́: ìdánwò rẹ̀ ni gbígbé e jáde

Ìwé-ẹ̀rí tó parí máa ń pariwo. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó ti bàjẹ́ kì í sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn olùkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà pa iṣẹ́ wọn mọ́, ṣèèṣì pa àkójọ àkọsílẹ̀ wọn rẹ́. Nígbà tí wọ́n sáré lọ síbi tí ẹ̀dà ìpamọ́ ojoojúmọ́ yẹ kó wà, wọ́n bá ibẹ̀ lófìfo. Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà náà ti ń kùnà nítorí pé ó dàgbà ju àkójọ àkọsílẹ̀ tó ń dà kọ lọ. Ètò náà tilẹ̀ ń fi ímeèlì sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò gba àwọn ímeèlì náà wọlé. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti ṣe fún iṣẹ́ mìíràn ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n. Ohun tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà náà sọnù. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìtàn yìí jáde fún gbogbo ayé.

Iṣẹ́ méjì ni a dámọ̀ràn. Ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀dà tó kẹ́yìn àti bí ó ti tóbi tó, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 48 lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá di kílóbáìtì 2 lọ́sẹ̀ yìí, òfìfo ni wọ́n dì pamọ́.

Ìkejì jẹ́ ti sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹ gbé ẹ̀dà náà jáde sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó má baà bo èyí tí ẹ ń lò mọ́lẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní 640 akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kà á bóyá 640 ló jáde. Ẹ mú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta láìṣà, kí ẹ sì fi èsì wọn wé ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ kọ iye àkókò tó gbà yín, nítorí iye wákàtí tí àwọn òbí yóò dúró nìyẹn bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohun tí ẹ gbé jáde rẹ́, torí pé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bá fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ó fi ìwé àkọsílẹ̀ náà lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kí orúkọ tuntun sì wọ orí kàlẹ́ńdà kí tàtijọ́ tó kúrò níbẹ̀.