Jọ́nà Tí Kì Í Kọ Iṣẹ́

Ní 2013, oníròyìn John Bohannon fi iṣẹ́ ìwádìí èké lórí oògùn jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Àṣìṣe inú rẹ̀ hàn gbangba, síbẹ̀ 157 gbà á.

Owó gbígbà nìkan kọ́ ni àmì jìbìtì. Jọ́nà gidi náà ń gbà á. Ìlérí pé iṣẹ́ yóò jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kó ba olùwádìí tuntun lẹ́rù, torí àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ kì í yá tó bẹ́ẹ̀.

Kó wo àkójọ DOAJ, ṣùgbọ́n kó má dúró síbẹ̀: àwọn kan tí Bohannon mú wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Kó kọ̀wé sí olóòtú kan ní yunifásítì rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn ò mọ̀ pé orúkọ wọn wà níbẹ̀.